Ipa búrọ́ọ̀ṣì kò tẹ̀lé ojú nínú fọ́tò tí mo fẹ́ sọ di àwòrán ọ̀dà

FótòSábó
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Fọ́tò ìyá àgbà kan wà lọ́wọ́ mi, gèlè ńlá wà lórí wọn. Àwọn ọmọ wọn fẹ́ kó dà bí àwòrán ọ̀dà olóróró lórí kánfáàsì íńṣì 24 sí 30, wọ́n á gbé e kọ́ níbi ayẹyẹ ọgọ́rin ọdún ní Ìgbógbó. Oil Paint inú Photoshop ni mo lò. Gèlè jáde dáadáa, ṣùgbọ́n iwájú orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń yí po bí ìtẹ̀ka. Báwo ni mo ṣe lè mú kí ipa búrọ́ọ̀ṣì máa tẹ̀lé bí ojú ṣe tẹ̀ àti bó ṣe yọ?

Ẹdítà_Ògólóńtó
Kò le rárá. Gbé Stylization dé 10, gbé Cleanliness náà dé 10, gbogbo yíyípo yẹn á lọ. Kí o sì yọ àmì kúrò níwájú Lighting. Ó parí.

ÀgbàBúrọ́ọ̀ṣì
Ti Lighting yẹn, òótọ́ ni Ẹdítà sọ. Ohun tí Lighting ń ṣe ni pé ó máa ń fi ìlà funfun tín-ín-rín sí etí ipa kọ̀ọ̀kan kó lè dà bíi pé ọ̀dà wú sókè. Lára gèlè, ó dùn ún wò. Lára awọ dúdú, ńṣe ló máa ń dà bíi pé ẹnì kan ku eérú sójú ìyá yẹn.

Ṣùgbọ́n Cleanliness ní 10 kò lè wo àrùn yìí sàn. Gígùn ipa ló ń tún ṣe. Tí ipa bá ti ń yí po tẹ́lẹ̀, á kàn máa yí po ní gígùn ni.

Ẹ jẹ́ ká wo ìdí rẹ̀. Fílítà yẹn kò mọ̀ pé ojú èèyàn ni òun ń kùn. Ohun kan ṣoṣo ló ń béèrè níbi kọ̀ọ̀kan: apá ibo ni ìmọ́lẹ̀ ti ń yí padà jù? Tó bá ti rí i, á dá búrọ́ọ̀ṣì dábùú rẹ̀, kí ipa lè máa gba etí ibi tí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ti pàdé lọ. Gèlè ní ìṣẹ́po, etí ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan sì hàn ketekete, ìdí nìyẹn tí ipa fi tẹ̀lé e láìṣe àṣìṣe. Iwájú orí ńkọ́? Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kò sí etí kankan láti tẹ̀ lé, nítorí náà ihò ara, òógùn àti ìdọ̀tí inú fọ́tò ló ń darí búrọ́ọ̀ṣì. Tó bá wá jẹ́ pé orí WhatsApp ni fọ́tò yẹn gbà wá, wàá rí i pé ipa ń ká bí igun bíríkì kéékèèké. Bí JPEG ṣe ń fún àwòrán ni, ó ń gé e sí píksẹ́lì 8 sí 8.

Ìtẹ̀ka tí o rí yẹn gan-an, wo àárín rẹ̀ dáadáa. Mo lè fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé ibi tí fíláàṣì ti tàn sí iwájú orí ni. Ibi dídán yẹn rí róbótó, etí rẹ̀ sì rí róbótó, búrọ́ọ̀ṣì á máa yí i po bí ẹni ń pọ́n òkúta lọ.

FótòSábó
Ẹ ṣeun ọ̀gá. Lóòótọ́ ni, ibi tí fíláàṣì tàn sí ló wà láàárín. WhatsApp ni wọ́n sì fi ránṣẹ́.

ÌyáFérémù_Ẹbúté
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ipa búrọ́ọ̀ṣì tí ẹ ń sọ yìí, ṣé kò ní dáa kí ẹ kàn fi ọwọ́ kùn ún lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán? Jẹ́lì àkírílíìkì tí kò ní àwọ̀ wà, ẹ ó fi búrọ́ọ̀ṣì íńṣì kan kùn ún sórí kánfáàsì, tó bá gbẹ, á hàn bí ọ̀dà gidi. Kí ẹ sì rántí fi àyè íńṣì méjì méjì sílẹ̀ yíká fún ibi tó máa ká mọ́ igi férémù. Àwọn èèyàn máa ń gbàgbé, igi á sì gbé ṣóńṣó gèlè wọnú.

ÀgbàBúrọ́ọ̀ṣì
Ẹ ṣé, Ìyá. Ìyẹn yàtọ̀ díẹ̀ sí ohun tó béèrè, àmọ́ ó wúlò, pàápàá ọ̀rọ̀ íńṣì méjì yẹn. Jẹ́lì á gbé ojú kánfáàsì sókè lóòótọ́, kò kàn lè yí ohun tí yíǹkì ti yà sílẹ̀ padà. Tí ipa tí wọ́n tẹ̀ bá ń yí po, tí ti jẹ́lì sì ń lọ gbọọrọ, ojú méjì ló máa wà lórí ara wọn. Kí ipa inú fọ́tò kọ́kọ́ tọ́, kí jẹ́lì wá tẹ̀ lé e. Tó bá sì jẹ́ yíǹkì olómi ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ẹ kọ́kọ́ fín fáníìṣì sí i kó gbẹ pátápátá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ jẹ́lì lè fa yíǹkì kúrò lójú ẹ̀.

FótòSábó, bó o ṣe máa ṣe é rèé. Gèlè, aṣọ àti ẹ̀yìn àwòrán, fi wọ́n sílẹ̀ fún fílítà. Ojú, ọrùn àti etí, ọwọ́ rẹ ni kó ṣe wọ́n.

Kọ́kọ́ gba fọ́tò gidi lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe ti WhatsApp. Lẹ́yìn náà, tọ́jú ìwọ̀n. Kánfáàsì 24 sí 30 tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ ní píksẹ́lì 150 sí íńṣì kan á jẹ́ 3600 sí 4500. Má ṣe lo Oil Paint lórí èyí tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Píksẹ́lì ni fílítà fi ń wọn ipa, bí àwòrán bá ṣe ń tóbi sí i ni ipa á ṣe máa kéré sí i lójú, títí á fi dà bíi pé o ò ṣe nǹkan kan. Dín in kù sí 1600 sí 2000, ṣe iṣẹ́ rẹ níbẹ̀, kí o wá gbé e tóbi nígbà tó o bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ọ̀dà kì í ní ihò ara, nítorí náà gbígbé e tóbi kì í bà á jẹ́ bó ṣe ń ba fọ́tò jẹ́.

Ṣáájú kí o tó kan ojú, ṣí ìpele òfìfo kan, mú búrọ́ọ̀ṣì pupa tẹ́ẹ́rẹ́, kí o fa ìlà bí ọgbọ̀n sójú ìyá yẹn láti fi júwe bí ọwọ́ ṣe máa lọ. Rò ó bíi pé o da àwọ̀n ẹja bo igbá. Okùn àwọ̀n kò lè lọ gbọọrọ lórí igbá, ibi tí igbá bá tẹ̀ sí lòun náà á tẹ̀ sí. Iwájú orí: ìlà á gba ìhà kan lọ sí ìkejì, á sì tẹ̀ wálẹ̀ tó bá kan ẹ̀bátí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́: bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, gba abẹ́ ojú, gun egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ sí apá etí, kí o wá tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ síhà párì. Ẹ̀gbẹ́ imú: gba ìbú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọrùn: gba ìbú rẹ̀, bí ẹni ń yí òpó ká. Ihò ojú: yí i ká bí ìpéǹpéjú ṣe ká. Ètè: kúkúrú kúkúrú, láti òkè wá sísàlẹ̀, kí ó tẹ̀ bí ètè ṣe wú. Nígbà tó o bá parí, pa ojú fọ́tò dé kí ìlà pupa nìkan ṣẹ́ kù. Tí ìlà yẹn nìkan bá jọ orí èèyàn, o ti ṣe é. Tó bá jọ agbọ̀n, tún un fà.

Ọmọ_Ìjẹ̀dẹ́
Ọ̀rọ̀ àwọ̀n àti igbá yẹn mà dáa o. Ẹ jọ̀ọ́, ti bàbá tèmi ní ilà, pélé mẹ́ta mẹ́ta. Tí mo bá fa búrọ́ọ̀ṣì gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọjá, ilà á pa rẹ́. Tí mo bá sì tẹ̀lé ilà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á dà bíi pákó.

ÀgbàBúrọ́ọ̀ṣì
Fà á bíi pé ilà kò sí níbẹ̀. Kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ́kọ́ rí róbótó. Lẹ́yìn náà, lórí ìpele ọ̀tọ̀, mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré, kí o fi ipa kan ṣoṣo fa pélé kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìgbé ọwọ́. Àwọ̀ dúdú díẹ̀ láàárín, kí ìlà tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ kọjú sí, torí ilà jẹ́ kòtò, kì í ṣe ìlà tí wọ́n yà sórí awọ. Wo fọ́tò ìpilẹ̀ kí o má bàa dín in kù tàbí kí o fi kún un. Ìdílé á rí i kí wọ́n tó rí ohun mìíràn.

FótòSábó
Mo ti fa ìlà pupa, ó jọ orí. Irinṣẹ́ wo ni mo wá máa fi fa ipa gan-an?

ÀgbàBúrọ́ọ̀ṣì
Smudge Tool. Ṣí ìpele òfìfo sórí fọ́tò, fi àmì sí Sample All Layers, yọ Finger Painting kúrò, Strength kó wà ní 75 tàbí níbi tó sún mọ́ ọn. Má lo búrọ́ọ̀ṣì róbótó tí etí rẹ̀ rọ̀. Ìyẹn kì í fi ipa sílẹ̀, ó kàn ń nu ojú mọ́lẹ̀ ni, iṣẹ́ rẹ á sì dà bí fọ́tò tí lẹ́ńsì kò mú dáadáa. Mú èyí tí irun rẹ̀ hàn. Lẹ́yìn ìyẹn wọ inú Brush Settings, Shape Dynamics, níbi Angle Jitter, yí Control sí Direction. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbójú fò nìyẹn. Láìsí i, ojú búrọ́ọ̀ṣì á dúró síbì kan bí àmì rọ́bà, bí ọwọ́ rẹ ti wù kó tẹ̀ tó. Tó o bá ti yí i, búrọ́ọ̀ṣì á máa yí orí síbi tí ọwọ́ rẹ ń lọ, irun rẹ̀ á sì máa gùn lẹ́yìn rẹ̀.

Fún àwòrán 1600 sí 2000 tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó píksẹ́lì 700, mo máa lo búrọ́ọ̀ṣì 45 fún iwájú orí, 35 fún ẹ̀rẹ̀kẹ́, 20 fún ẹ̀gbẹ́ imú, 10 fún ìpéǹpéjú àti ètè. Ẹyin ojú gan-an, má ṣe fi ọwọ́ kàn án àyàfi pẹ̀lú 5, kí àmì ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ sì dúró.

Bí ipa kọ̀ọ̀kan ṣe máa rí rèé, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Gbé búrọ́ọ̀ṣì lé ibi tí àwọ̀ ti dọ́gba. Fà á lọ ní ọ̀nà kan, kúkúrú, kí o gbé ọwọ́ kó tó kọjá sínú àwọ̀ míì. Má fà á lọ kí o tún fà á bọ̀. Tí búrọ́ọ̀ṣì bá gba òjìji abẹ́ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọjá bọ́ sínú ìmọ́lẹ̀, ó ti gbé òkùnkùn lọ́wọ́, ojú á sì di ẹrẹ̀. Ibi tó bá ti di ẹrẹ̀, má ṣe gbìyànjú láti fọ̀ ọ́ mọ́ pẹ̀lú ipa míì. Nu ibẹ̀ kúrò lórí ìpele, fọ́tò wà nísàlẹ̀, kí o tún bẹ̀rẹ̀. Tìtorí èyí ni ìpele fi gbọ́dọ̀ jẹ́ òfìfo.

Ti fíláàṣì iwájú orí, yanjú rẹ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ohunkóhun. Mú àwọ̀ awọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ bò ó, kí Opacity rẹ̀ wà ní bíi 40 nínú 100, kí dídán náà kù díẹ̀ ṣùgbọ́n kó má parẹ́. Orí tí kò dán rárá máa ń dà bí òkú.

Ẹdítà_Ògólóńtó
Hmm. Mixer Brush ni mo máa ń lò ní tèmi, Smudge máa ń lọ́ra.

ÀgbàBúrọ́ọ̀ṣì
Mixer Brush dára, kò burú. Ó kàn máa ń gbé ọ̀dà sínú ara ni, tó o bá gbàgbé láti jẹ́ kó fọ ara rẹ̀ lẹ́yìn ipa kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ gèlè á dé ètè. Àmì kan wà lókè tó ń fọ búrọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ipa kọ̀ọ̀kan, fi sílẹ̀ ní títàn. Ti ìlọ́ra, dín ìwọ̀n àwòrán kù bí mo ṣe wí, kí o sì gbé Spacing sókè díẹ̀.

Ayàwòrán_Ìbeṣe
Ẹ jẹ́ kí n jiyàn díẹ̀. Èmi ń fi ọ̀dà gidi ṣiṣẹ́. Ọrùn àti imú, ẹ sọ pé ká gba ìbú wọn bí okùn àwọ̀n. Kò pọn dandan. Imú, mo máa ń fà á láti àárín ojú wá sí ṣóńṣó ní ipa kan ṣoṣo, torí dídán orí imú fúnra rẹ̀ gùn. Ọrùn àgbà tí iṣan rẹ̀ hàn, tó o bá gba ìbú rẹ̀, o ti bo iṣan mọ́lẹ̀.

ÀgbàBúrọ́ọ̀ṣì
Ti imú, mo gbà, orí imú lo sọ. Ẹ̀gbẹ́ imú ni mo ní kó gba ìbú sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti ọrùn, mi ò gbà. Ìbú ló ń sọ fún ojú pé ọrùn rí bí òpó. Iṣan, fà á lé e lórí lẹ́yìn, bí ilà bàbá Ọmọ Ìjẹ̀dẹ́.

Ayàwòrán_Ìbeṣe
Ìwọ àti èmi kò ní í bára wa gbà lórí ọrùn. Ẹ gbìyànjú méjèèjì, kí ẹ wò ó láti ẹsẹ̀ mẹ́wàá.

Ọmọ_Ìjẹ̀dẹ́
Kò sí Photoshop lórí kọ̀ǹpútà mi o. GIMP ni mo ní. Ṣé mo ti tán?

Kóòdù_Ìmọ̀ta
O ò tíì tán. GIMP gan-an ló ní èyí tí ń jẹ́ kí o fi ọfà darí búrọ́ọ̀ṣì. Lọ sí Filters, Artistic, GIMPressionist. Níbi Orientation, yan Manual, kí o tẹ Edit. Fèrèsé kan á ṣí pẹ̀lú àwòrán rẹ àti ọfà kan. Tẹ Add láti fi ọfà míì kún un, fi bọ́tìnnì òsì gbé e lọ síbi tó yẹ, fi bọ́tìnnì ọ̀tún tọ́ka síbi tó yẹ kó kọjú sí. Ọfà 15 sí 20 tó fún ojú kan: mẹ́ta síwájú orí, mẹ́rin mẹ́rin sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìyókù sí imú, ojú àti párì. Ọfà yòókù láàárín wọn, òun fúnra rẹ̀ á ṣe ìṣirò wọn. Kọ́kọ́ fi ọfà kan péré dán an wò. Tí ipa bá dábùú ọfà, yí Angle offset títí tí wọ́n á fi bára mu.

Ohun kan wà tó ń gba èèyàn lójú: Directions. Tó bá kéré, igun mélòó kan péré ni búrọ́ọ̀ṣì mọ̀, ojú á sì dà bíi pé wọ́n fi àdá gbẹ́ ẹ. Gbé e dé 24. Kí o sì mọ̀ pé ipa GIMPressionist kì í tẹ̀, gbọọrọ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Tí wọ́n bá gùn jù lórí ibi tó tẹ̀ kíkan bí ihò imú, wọ́n á yọ jáde kúrò lójú. Lo búrọ́ọ̀ṣì kúkúrú.

Fún ẹni tó mọ Python, ohun tí fílítà Photoshop ń ṣe jọ èyí:

```python
g = cv2.cvtColor(img, cv2.COLOR_BGR2GRAY).astype(np.float32)
gx = cv2.Sobel(g, cv2.CV_32F, 1, 0)
gy = cv2.Sobel(g, cv2.CV_32F, 0, 1)
b = lambda a: cv2.GaussianBlur(a, (0, 0), 8)
E, F, G = b(gx*gx), b(gx*gy), b(gy*gy)
theta = 0.5*np.arctan2(2*F, E-G) + np.pi/2
coh = np.sqrt((E-G)**2 + 4*F*F) / (E+G+1e-6)
```

`theta` ni ibi tí ipa kọjú sí. Ẹ má ṣe fi igun pọ̀ mọ́ igun láti wá àárín wọn o. Ipa tó wà ní dígírì 1 àti èyí tó wà ní dígírì 179 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlà kan náà, ṣùgbọ́n àárín nọ́ńbà méjèèjì jẹ́ 90, ipa á sì dìde dúró lójijì láàárín àwọn tó dùbúlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi rọ `E`, `F` àti `G` kí n tó ṣírò igun.

ÀgbàBúrọ́ọ̀ṣì
Ó ṣe kedere. Tó o bá gbé 8 inú GaussianBlur yẹn dé 25 ńkọ́? Ìtẹ̀ka iwájú orí kò ní lọ?

Kóòdù_Ìmọ̀ta
Á dín kù, ṣùgbọ́n imú àti ètè á gbàgbé ara wọn, gbogbo wọn á máa lọ sí ọ̀nà kan bí koríko tí atẹ́gùn fẹ́. Ìyẹn ni `coh` fi wà níbẹ̀. Ibi tó bá sún mọ́ 1, fọ́tò mọ ohun tó ń sọ, fi sílẹ̀. Ibi tó bá kéré sí bíi 0.3, fọ́tò kò mọ nǹkan kan, fi igun tí ọwọ́ rẹ yà rọ́pò rẹ̀. Lójú ìyá yẹn, iwájú orí àti àárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló máa ṣubú sísàlẹ̀ 0.3.

ÀgbàBúrọ́ọ̀ṣì
Òjìji gèlè lórí iwájú orí ńkọ́? `coh` ibẹ̀ á ga gan-an, torí etí òjìji hàn. Bẹ́ẹ̀ etí òjìji kì í ṣe ìtẹ̀sí orí.

Kóòdù_Ìmọ̀ta
Ibẹ̀ ló ti ń tàn wá jẹ. Ìṣirò yìí kò mọ òjìji yàtọ̀ sí egungun. Ọwọ́ nìkan ló lè yọ ọ́.

FótòSábó
Mo ti parí iwájú orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìtẹ̀ka ti lọ, ojú ti rí róbótó. Ibi tó kù ni ibi tí ọwọ́ mi àti ti fílítà ti pàdé, lábẹ́ etí gèlè. Ipa tèmi fẹ̀, ti gèlè tẹ́ẹ́rẹ́, ó dà bíi pé wọ́n gé orí wọn lẹ̀ mọ́ gèlè.

ÀgbàBúrọ́ọ̀ṣì
Má ṣe jẹ́ kí etí ibẹ̀ mú. Fi búrọ́ọ̀ṣì 20 fa ipa mẹ́rin tàbí márùn-ún láti inú òjìji gèlè bọ́ sórí awọ, kí o sì fa méjì padà lọ sínú gèlè. Ibẹ̀ nìkan ni mo gbà kí òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀ dà pọ̀. Tí ipa gèlè bá ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ jù, padà sínú Oil Paint, gbé Scale sókè fún gèlè nìkan títí fífẹ̀ ipa rẹ̀ á fi sún mọ́ ti búrọ́ọ̀ṣì 35 tó o lò fún ẹ̀rẹ̀kẹ́.

ÌyáFérémù_Ẹbúté
Ọrùn ńkọ́? Èwo lo wá ṣe, ìbú tàbí òró?

FótòSábó
Ìbú lápá òsì, òró lápá ọ̀tún, Ìyá. Mo ṣì ń wò ó.